Ẹ Kọ Ọ̀rọ̀ Sábẹ́ Fọ́tò Yẹn

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Kùmásì, ní Asawase, ní Tafo, ní Bantama, àti ẹ̀yin tí ẹ ti padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà àti ní Ìgbẹ́tì, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún, kò sì ní ná yín lówó. Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ kọ gbólóhùn díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi í lọ. Ẹ sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bí ọjọ́, ibi tàbí iye owó bá sì wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí àwọn afọ́jú àti àwọn tí ìríran wọn kéré láàárín wa ni mo ṣe ń sọ ọ́. Inú gúrúùpù ẹbí ni wọ́n wà pẹ̀lú wa, inú gúrúùpù ìlú, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sáláṣí. Àwa Yorùbá Gánà mọ ohun tí àwọn gúrúùpù yìí jẹ́ fún wa. Láti ìgbà tí òfin ìjọba Busia ti lé ọ̀pọ̀ ẹbí wa kúrò ní Gánà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, tí bàbá kú sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọmọ padà sí Kùmásì, tí ọmọ-ọmọ gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, fọ́tò ni a fi ń kí ara wa. Ẹni tí fọ́tò kò bá yé, ọ̀rọ̀ ẹbí ń kọjá lórí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn kan rò pé afọ́jú kì í lo fóònù. Àwọn mìíràn mọ̀ pé wọ́n ń lò ó, wọ́n sì ti gbọ́ pé fóònù ìsinsìnyí lè wo fọ́tò kó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n wá gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Òótọ́ ni pé fóònù ń ṣe é, ó sì ń ṣe é dáadáa ju bó ti ń ṣe é ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lọ. Ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ, ó sì yẹ ká mọ ibẹ̀ dájú, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni ó ṣe ń rí. Nínú fóònù Android, ohun kan wà tó ń jẹ́ TalkBack. Bí a bá ti tàn án, ohunkóhun tí ìka bá kàn lójú fóònù ni yóò kà sókè, ẹni tó ni fóònù yóò sì tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí. Ti iPhone ń jẹ́ VoiceOver, ọ̀nà kan náà ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí fọ́tò bá wọlé sórí WhatsApp, ohun tí yóò kà ni orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà Photo, àti aago. Ó tán. Bó jẹ́ fọ́tò ìkómọ ni o, bó jẹ́ ti ìsìnkú, bó jẹ́ ti aṣọ tí a ń tà, Photo kan náà ni gbogbo wọn. Àmọ́ bí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, TalkBack yóò ka ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìjẹ́ pé afọ́jú náà tún tẹ ohunkóhun.

Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ kankan, ó kù kí afọ́jú náà wá ohun tí yóò bá a wò ó. Ó lè ṣí fọ́tò náà, kó fa ìka kan wálẹ̀ kó sì yà á sí apá ọ̀tún lójú fóònù, kí àwọn ohun tí TalkBack lè ṣe jáde, kó wá mú Describe image níbẹ̀. Tàbí kí ó lo bọ́tìnnì tí a fi ń pín fọ́tò, kó darí rẹ̀ sínú áàpù Be My Eyes. Ọmọ Dẹ́ńmákì kan tí ìríran tirẹ̀ náà kéré, Hans Jørgen Wiberg, ló dá Be My Eyes sílẹ̀. Nígbà tó jáde ní ọdún 2015, ènìyàn ni afọ́jú ń fi fídíò pè, tí ẹni yẹn yóò máa bá a wo ohun tó wà níwájú kámẹ́rà rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ṣì wà. Ní ọdún 2023 ni wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ṣàpèjúwe fọ́tò fúnra rẹ̀ kún un. Seeing AI ti ilé iṣẹ́ Microsoft wà pẹ̀lú, ẹnjiníà afọ́jú kan, Saqib Shaikh, ló ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀. Ó jáde fún iPhone ní ọdún 2017, ó sì dé orí Android ní ìparí ọdún 2023. Ti Google ń jẹ́ Lookout.

Ẹ má gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Nígbà tí Facebook bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà nínú fọ́tò fún àwọn afọ́jú ní ọdún 2016, ohun tó lè sọ kò ju pé fọ́tò náà lè ní ènìyàn méjì nínú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ìta gbangba ni. Lónìí, ẹ̀rọ lè sọ àwọ̀ aṣọ, ó lè ka ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri, ó sì lè dáhùn bí a bá tún bi í ní ìbéèrè. Ìyàtọ̀ náà pọ̀, mo sì bá àwọn tó ń lò ó yọ̀ gidigidi.

Ẹ jẹ́ ká wá mú fọ́tò kan tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Kùmásì, ká wò ó pọ̀. Pósítà ìsìnkú ni. Ẹni tó bá ti gba Adum tàbí Kejetia kọjá mọ̀ ọ́n: àwòrán olóògbé gàdàgbà láàárín, Call to Glory tàbí What a Shock lókè, lẹ́yìn náà ni orúkọ, ọjọ́ orí, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ ìsìnkú, ibi tí yóò ti wáyé, aṣọ tí wọ́n ní kí ènìyàn wọ̀, àti orúkọ àwọn olórí ẹbí, àwọn ọmọ, àwọn àbúrò àti àwọn ọkọ tàbí aya, tí wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ tò sísàlẹ̀ títí tí àyè fi tán. Kí pósítà tó dé ara ògiri lónìí, ó ti dé orí WhatsApp.

Ká ní obìnrin afọ́jú kan tó ń gbé ní Asawase rí irú pósítà bẹ́ẹ̀ gbà nínú gúrúùpù ìlú wọn. Ẹni tó fi ránṣẹ́ kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ Photo. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn wọlé, kò sì tíì mọ ẹni tó kú. Ó ní kí fóònù ṣàpèjúwe fọ́tò náà. Fóònù sọ fún un pé pósítà ìsìnkú ni, pé obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ léèsì funfun tó sì lo ìlẹ̀kẹ̀ jókòó lórí àga, pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, pé Call to Glory ni wọ́n kọ sókè. Ó wá ka orúkọ tó wà níbẹ̀.

Títí dé ibí yìí, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí fóònù kò sọ. Kò sọ pé ìyá tó bí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa nìyí. Kò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn áàpù yìí kì í fi ojú àwọn aráàlú lásán dárúkọ wọn, orúkọ tó sì wà lára pósítà jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ń sìnkú, tó gùn, tó ní oyè nínú, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ ọmọ ni gbogbo gúrúùpù fi ń pe ìyá náà. Ohùn tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè nínú ọ̀pọ̀ fóònù níbí sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá pàdé orúkọ Twi tàbí ti Yorùbá, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ni yóò ṣe kà á, nígbà mìíràn orúkọ ẹni tí o mọ̀ láti kékeré lè gba etí rẹ kọjá kí o má dá a mọ̀. Ẹni tó bá fura lè ní kí TalkBack kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó gba àkókò, ṣùgbọ́n ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

Ọjọ́ ni ìṣòro tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ẹni tó bá ṣi ọjọ́ mú lè padà sílé pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn. Pósítà kan lè ní ọjọ́ mẹ́rin nínú. Ká ní olóògbé kú ní 3 oṣù Kẹfà 2026, wọ́n ṣe ọ̀sẹ̀ kan ní Ọjọ́rú 10 oṣù Kẹfà, ìsìnkú jẹ́ Sátidé 18 oṣù Keje, ìsìn ìdúpẹ́ sì jẹ́ Sọ́ńdè 19. Bí obìnrin wa bá béèrè ìgbà tí ìsìnkú jẹ́, ẹ̀rọ lè mú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan fún un, torí gbogbo wọn wà lójú kan náà. Tàbí kó wo 18 kó sì kà á sí 13. Nínú fọ́tò tí WhatsApp ti fún pọ̀ kó lè tètè lọ, 8 àti 3 ń jọra gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni 6 àti 0.

Afọ́jú tó mọ iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà tó fi ń mú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Kì í béèrè ọjọ́ nìkan. Á ní kí ẹ̀rọ ka gbogbo ìlà tí ọ̀rọ̀ ìsìnkú wà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú orúkọ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ní Sátidé 13 oṣù Keje 2026, á ṣí kàlẹ́ńdà fóònù rẹ̀. 13 oṣù Keje 2026 bọ́ sí Mọ́ńdè. Ọ̀kan nínú méjèèjì kò tọ́ nìyẹn, Sátidé ni ọ̀pọ̀ ìsìnkú nílẹ̀ Àṣáńtì sì sábà máa ń bọ́ sí, nítorí náà nọ́ńbà ló ṣeé fura sí. Nígbà yẹn ni yóò tó tẹ ẹlòmíràn láago láti bi í. Bákan náà ni nọ́ńbà fóònù: ti Gánà jẹ́ mẹ́wàá, òdo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ka mẹ́sàn-án, ó ti gbé ọ̀kan mì. Bí ó bá sì fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà MoMo tó wà lára pósítà nípasẹ̀ *170#, orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà yóò jáde kó tó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Kó dúró, kó gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ bá ṣì kà ti tó láti gbé owó lọ sọ́dọ̀ àlejò.

Àwọ̀ aṣọ tún wà níbẹ̀. Léèsì funfun ni ìyá wọ̀ nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ìlà kékeré kan nísàlẹ̀ lè sọ pé dúdú àti pupa ni kí àwọn tó ń bọ̀ wọ̀. Nílẹ̀ Àṣáńtì, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Dúdú àti pupa jẹ́ ti ọ̀fọ̀ tó dunni, nígbà tí wọ́n máa ń wọ funfun mọ́ dúdú bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló lọ. Ẹni tó bá kàn gbọ́ pé funfun ni obìnrin inú pósítà wọ̀ lè fi ìyẹn ṣe ìdáhùn. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ènìyàn fi ìdáhùn sẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tó bá ń bi í. Bí o bá bi í pé ṣé dúdú àti funfun ni kí á wọ̀, ó lè gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ohun tó dára láti bi í ni pé aṣọ wo ni wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wọ̀, ọ̀rọ̀ wo lára pósítà ló sì sọ bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tó léwu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀. Bí ojú ènìyàn kò bá gbé ọ̀rọ̀ kan, á sọ pé òun kò rí i kà. Ẹ̀rọ yìí kì í sábà dákẹ́. Bí orúkọ àwọn ọmọ olóògbé bá ti ṣú mọ́ ara wọn, ó lè kó orúkọ tó dà bí orúkọ Gánà jọ, kó sì kà wọ́n jáde pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi ka èyí tó rí kedere. Ohùn yẹn kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn láàárín ohun tó dájú àti ohun tó méfò. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé kí a bi í lẹ́ẹ̀kejì, ní ọ̀nà mìíràn, tàbí kí a gbé fọ́tò náà fún áàpù mìíràn. Ohun tó rí kedere kì í sábà yí padà. Bí àkọ́kọ́ bá ní ọmọ márùn-ún, tí èkejì ní méje, tí orúkọ wọn kò sì bára mu, ó ń méfò ni. Àwọn tó ṣe irú áàpù yìí fúnra wọn kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́kàn lé e láti fi ka ìwé oògùn tàbí láti fi sọdá títì.

Ẹ wò bí wàhálà ti pọ̀ tó lórí pósítà kan. Gbogbo rẹ̀ pátá ni gbólóhùn díẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́ ìbá ti gbà lọ́wọ́ obìnrin náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ ní Kejetia, tí ẹ ń fi fọ́tò ọjà yín sórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ kàn yín pẹ̀lú. Aṣọ áńkárá ní orúkọ níbí, orúkọ yẹn ni oníbàárà sì fi ń rà á. Ẹ̀rọ yóò wo Nsu bura, yóò sọ pé aṣọ aláràbarà ilẹ̀ Áfíríkà kan nìyí, tó ní àwọn àmì tóótòòtó tó yí ara wọn ká róbóróbó. Yóò wo Akyekyedeɛ akyi, yóò sì ṣàpèjúwe ìlà àti igun tó wà lára rẹ̀. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin Kùmásì tó ń wọ ọjà lọ béèrè aṣọ tóótòòtó róbóróbó. Oníbàárà tí kò ríran kò fẹ́ ju ohun tí gbogbo oníbàárà ń fẹ́ lọ: orúkọ aṣọ, àwọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti àwọ̀ iṣẹ́ ara rẹ̀, bó jẹ́ yáàdì mẹ́fà tàbí méjìlá, àti iye sídì tó jẹ́. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ fọ́tò. Ẹ ó rí i pé àwọn tó ríran náà yóò dín ìbéèrè kù.

Mo gbọ́dọ̀ yà sọ́dọ̀ àwọn tí ìríran wọn kéré, torí a máa ń gbàgbé wọn láàárín afọ́jú àti ẹni tó ríran. Gilakómà wọ́pọ̀ gan-an ní Gánà, ẹ̀gbẹ́ ojú ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó ní in lè ṣì máa rí ohun tó wà lọ́gangan iwájú rẹ̀, bí ẹni ń yọjú láti inú ọ̀pá omi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ka lẹ́tà pósítà bó bá fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ṣùgbọ́n bó ti ń fẹ̀ ẹ́ ni pósítà ń sọnù mọ́ ọn lójú. Á rí 18, kò ní mọ̀ bóyá ti ìsìnkú ni tàbí ti ohun mìíràn. Òun kì í fi ìṣàpèjúwe rọ́pò ojú rẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí sí i kó lè mọ̀ pé àwòrán wà láàárín, ọjọ́ wà lápá òsì, orúkọ ẹbí wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fẹ ibi tó fẹ́, tí yóò fi ojú ara rẹ̀ kà á. Ẹ má ṣe rí i pé ó ń tẹjú mọ́ fóònù kí ẹ wá sọ pé irọ́ ló ń pa, pé ó ríran. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dun àwọn ènìyàn yìí ju àìsàn ojú lọ.

Nígbà tó bá sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ya fọ́tò, bóyá ti ike ohun èlò ọbẹ̀ tàbí ti ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé ìwé ọmọ, ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni pé kò mọ ohun tí kámẹ́rà ń wò. Àwọn onímọ̀ tó kó fọ́tò tí àwọn afọ́jú yà jọ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní VizWiz, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣú, tàbí kí ohun tí wọ́n ń béèrè ti bọ́ síta. Ọ̀nà tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ ni kí ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, kó gbé fóònù lé àárín rẹ̀ gan-an, kó wá gbé e sókè tààrà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì títí dé nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì wà lórí tábìlì kó má bàa gbọ̀n. Kí iná tàbí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má wà lẹ́yìn rẹ̀, kí òjìji rẹ̀ má bàa bò ó. Bí ẹ bá wà nítòsí, ẹ má já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó sún un sápá ọ̀tún díẹ̀, ó tó.

Púpọ̀ nínú èyí ń gba dátà, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ áàpù yìí, orí fóònù kọ́ ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Fọ́tò ń rìn lọ sórí kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ tó jìnnà, ìṣàpèjúwe ni ó ń padà wá. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní etí òkun Côte d'Ivoire ní 14 oṣù Kẹta 2024, tí íńtánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri Gánà, ìṣàpèjúwe fọ́tò dákú pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sábẹ́ fọ́tò kò nílò kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn kankan. Bó bá ti wọlé, TalkBack á kà á, kódà bí dátà bá ti tán lẹ́yìn náà. Ìrìn àjò fọ́tò yìí náà ló jẹ́ kí n bẹ̀ yín pé bí ẹ bá fi fọ́tò Ghana Card tàbí ìwé ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí afọ́jú, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un lórí fóònù. Ẹ má fi í sí ipò tí yóò ti gbé àṣírí rẹ̀ tàbí tiyín lọ fún ẹ̀rọ kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, ṣebí ó lè fi fídíò pe ènìyàn lórí Be My Eyes? Ó lè pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e lè wà ní ìlú òyìnbó, kó ka pósítà náà dáadáa fún un, kó má sì mọ ibi tí Tafo wà, kó má mọ akọ̀wé wa, kó má mọ ìdí tí pupa fi ṣe pàtàkì. Àwa tí a wà nínú gúrúùpù la mọ̀ ọ́n.

Bí a ó ti ṣe é kò le. Bí ẹ bá ti mú fọ́tò lórí WhatsApp, àyè kan máa ń jáde nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ Add a caption sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Bó bá jẹ́ pósítà, ẹ tẹ HD lókè kó tó lọ, kí lẹ́tà má bàa ṣú. Lórí Facebook, ẹ wá Alt text níbi tí ẹ ti ń tún fọ́tò ṣe, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú àwòrán síbẹ̀. Èdè tí ẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀ nínú gúrúùpù ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ má kọ pé ẹ wò ó o, tàbí pé pósítà ti jáde. Irú èyí ni kí ẹ kọ:

Ìyá tó bí akọ̀wé wa ló papò dà ní 3 oṣù Kẹfà. Ẹni ọdún 84 ni wọ́n. Ìsìnkú jẹ́ Sátidé 18 oṣù Keje 2026, aago mẹ́jọ àárọ̀, ní ilé ẹbí wọn ní Tafo. Dúdú àti pupa ni kí á wọ̀. Nínú àwòrán, ìyá jókòó, wọ́n wọ léèsì funfun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà MoMo ẹbí wà nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé èyí.

Kí nọ́ńbà yẹn wà lọ́tọ̀, kí ẹni tó fẹ́ lò ó lè dà á kọ láìfọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bó bá sì jẹ́ fọ́tò ìkómọ tàbí ti ìgbéyàwó, ẹ dárúkọ àwọn ènìyàn láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, kí ẹ sọ ohun tí ojú wọn ń sọ. Ìyá àgbà tó ti fọ́jú fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ-ọmọ òun jọ bàbá rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá náà sì ni ẹ lè sọ ọ́ fún un.

Ẹ̀yin olùdarí gúrúùpù, ẹ fi èyí sínú òfin gúrúùpù yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ pósítà ní Adum, ẹ ti ní gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó fi ṣe àwòrán. Nígbà tí ẹ bá ń fi pósítà ránṣẹ́ sí ẹbí olóògbé, ẹ da ọ̀rọ̀ náà kọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò náà bí wọ́n ti ń pín in lọ.